Ojú Tí A Kò Sanwó Fún

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí Jímọ̀ fi owó ilẹ̀ rà ti di ilé adìyẹ. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ajah ló wà, lábẹ́ igi àgbọn, afẹ́fẹ́ ti tán nínú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, adìyẹ ìyàwó rẹ̀ sì ń yé sórí ìjókòó awakọ̀. Ọ̀kẹ́ méje, ìyẹn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogóje náírà, ni wọ́n tà á fún un. Oṣù mẹ́ta péré ló fi sáré. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kọ iṣẹ́, èrò mẹ́rin tó gbé ló bá a tì í dé ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n sì gba owó wọn padà kí wọ́n tó lọ. Láti ọjọ́ náà, bí Jímọ̀ bá ti ṣí fèrèsé láàárọ̀, òun ni ojú rẹ̀ ń kọ́kọ́ bá. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa wò ó, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ọmọ onílẹ̀ ni Jímọ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Àwọn tó ń gbé inú ẹ́sítéètì rò pé owó ni ọmọ onílẹ̀ fi ń wẹ̀; wọn kò bá wọn jókòó lọ́jọ́ tí ọgọ́ta ènìyàn ń pín owó ilẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn bàbá wọn tà, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tà, àwọn náà tà. Ní ọdún 1997 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ohun tó kù fún ẹbí kò ju itẹ́ òkú àti ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí lọ. Ọ̀kẹ́ mọ́kànlá náírà ló kan Jímọ̀ nínú èyí tí wọ́n tà kẹ́yìn. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, kò kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kankan, ẹja inú ọ̀sà kò sì pọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Ọkọ̀ ló fẹ́ fi owó náà rà, kí ó máa fi ṣe kàbúkàbú láti Ajah sí Ọbáléńdé. Bí èyí náà bá tún kú sí i lọ́wọ́, kò sí ilẹ̀ mìíràn tí yóò tà.

Igun ilẹ̀ kan ṣẹ́kù létí ọ̀nà tó jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà, Àbọ̀ mẹkáníìkì ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí Jímọ̀ ti fún un láyè, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ń ṣòjòjò, Àbọ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra ọkọ̀, Àbọ̀ ni yóò bá a wò ó, kò sì sí ẹni tí í bi í pé èló ni. Ta ní ń sanwó fún ẹni tó ń jẹun lórí ilẹ̀ rẹ̀?

Àbọ̀ náà ló sọ fún Jímọ̀ pé Hakeem tó ń ta tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ní ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù kan tó dára. Àwọn méjèèjì jọ lọ wò ó. Ọkọ̀ náà ń dán, inú rẹ̀ ń ta sánsán, Hakeem sì ń pe Jímọ̀ ní Alàgbà. Àbọ̀ jókòó sínú rẹ̀, ó wà á lọ síwájú díẹ̀, ó wà á padà, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó na àtàǹpàkò sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ gbówó wá. Ọkọ̀ ni eléyìí. Ẹ ò ní fọwọ́ kàn án fún ọdún mẹ́ta.”

Ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ni Hakeem pè é. Jímọ̀ ní òun ń bọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bó ṣe ń sọ ọ́ fún Waliyat ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà kò gbójú sókè kúrò lórí aṣọ tó ń gé. Aránṣọ ni, àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tíṣà inú ẹ́sítéètì ló ń ránṣọ fún, ó sì máa ń fi etí gbọ́ ju bó ṣe ń fi ẹnu sọ lọ.

“Bàbá Fàrídátù, ta ló wo ti àkọ́kọ́ fún yín?” ó bèèrè.

“Àbọ̀ ni.”

“Kí ló sọ nígbà yẹn?”

Ohun tí Àbọ̀ sọ nígbà yẹn ni pé Jímọ̀ kò ní fọwọ́ kàn án fún ọdún mẹ́ta.

“Ọkùnrin kan wà ní Ṣàngótẹ̀dó,” Waliyat sọ, “Samson lorúkọ rẹ̀. Àǹtí Ọláṣùmbọ̀ tí mo ránṣọ fún sanwó fún un kó bá òun wo ọkọ̀ kí òun tó rà á. Ó ní bí kì í bá ṣe ọkùnrin náà, pósí ni òun ì bá rà. Ẹ lọ bá a.”

“Kí n sanwó kí wọ́n lè fi ojú wo nǹkan? Nígbà tí Àbọ̀ ń bẹ lórí ilẹ̀ mi?” Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú. “Ìyá Fàrídátù, ṣé o fẹ́ kí ayé máa fi mí ṣẹ̀sín ni? Wọ́n á ní Jímọ̀ kò gba ẹni tó ń bọ́ gbọ́ mọ́.”

“Ayé ti ń fi yín ṣẹ̀sín. Adìyẹ mi ló ń gbé inú ọkọ̀ yín.” Ó tú etí ìró rẹ̀, ó yọ ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó gbé e sórí tábìlì. “Owó ìránṣọ mi ni. Kì í ṣe owó ilẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá dára, ẹ ó san án padà fún mi lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé èrò.”

Ká ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni, Jímọ̀ ì bá bá a fà á títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ti mú un. Ó mú owó náà nítorí pé ó rọrùn ju àríyànjiyàn lọ.

Samson kò jọ ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá láti Ajah. Ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó dúró sábẹ́ páànù kan, kò sì rẹ́rìn-ín. Jímọ̀ sọ ohun tó bá wá.

“Ẹgbẹ̀rún kan náírà, sà,” ni Samson dáhùn. “Ẹ ó san án kí n tó gbéra.”

“Bí ọkọ̀ náà bá dára ńkọ́?”

“Ẹgbẹ̀rún kan.”

“Bó bá bàjẹ́?”

“Ẹgbẹ̀rún kan náà ni. Iye kan náà ni mò ń gbà, nítorí náà irọ́ kò lérè fún mi. Mi ò sì ní bá yín tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ lọ wá ẹlòmíì. Bó bá jẹ́ èmi ni mo máa tún un ṣe, ojú mi lè máa rí àìsàn tí kò sí níbẹ̀.” Ó ka owó náà, ó fi sápò. “Àárọ̀ kùtù lọ́la ni ká lọ, kí wọ́n tó sítáàtì rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná kì í sọ òótọ́. Bó bá tutù ló ń jẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé à ń bọ̀.”

Jímọ̀ ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń padà lọ sílé, ó gba iwájú ilẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó rí Àbọ̀ lábẹ́ ọkọ̀ kan, ìtìjú sì mú un. Ó dà bí ẹni pé ó ń yan àlè. Ó dúró, ó kí i, ó ní, “Àbọ̀, má bínú o. Ìyàwó mi ló ń yọ mí lẹ́nu, ó ní kí ẹnì kan tún bá wa wo ọkọ̀ yẹn láàárọ̀ ọ̀la. Mo kàn fẹ́ fi pa á lẹ́nu mọ́ ni.”

Àbọ̀ ní kò burú, Ẹ̀gbọ́n, obìnrin ni wọ́n. Ó sì padà sábẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe.

Aago méje kò tíì lù nígbà tí Jímọ̀ àti Samson dé ọ̀dọ̀ Hakeem. Ìrì ṣì wà lára gbogbo ọkọ̀ tó tò síbẹ̀, àfi iwájú ọkọ̀ búlúù náà tó ti gbẹ. Samson kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì yí ojú sí Jímọ̀.

“Ẹ fọwọ́ kàn án, Bàbá.”

Jímọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó gbóná.

“Ta lẹ sọ fún?”

“Mi ò sọ fún...” Jímọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀ náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ fún. Nǹkan kan wó lulẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pariwo, nítorí ó dà bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Hakeem jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ọmọ òun máa ń mú kí àwọn ọkọ̀ gbóná láràárọ̀ kí bátìrì má baà kú. Samson wo gbogbo ọkọ̀ yòókù tí ìrì bò, kò sì bá a jiyàn. Ó fa ìjókòó onípákó kan, ó jókòó.

“A máa dúró kó tutù.”

Wọ́n dúró. Oòrùn yọ, oòrùn gun òkè, eruku ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ń dà lé wọn lórí. Ẹ̀yìn ń dun Jímọ̀, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì fẹ́ sọ pé kí wọ́n máa lọ, kí òun sanwó ọkọ̀ náà, kí gbogbo rẹ̀ parí. Ẹni tó ti rẹ̀ ni oníṣòwò ń fẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń ra nǹkan kó lè rí ibi jókòó. Ohun tó dá a dúró kò ju ẹgbẹ̀rún kan náírà Waliyat lọ. Wọ́n ti san án. Kò fẹ́ padà sílé kí ó sọ pé òun kò dúró gba ohun tí ó sanwó rẹ̀.

Nígbà tó tó bí aago mẹ́wàá, Hakeem pe Samson sẹ́yìn kọ̀ǹténà tó fi ṣe ọ́fíìsì. Jímọ̀ ń gbọ́ wọn.

“Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ ká jọ jẹun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é níbí.”

“Mo ti jẹun,” Samson sọ. “Bàbá yẹn ló fún mi lóúnjẹ.”

Ó padà wá, ó tún fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kò tutù bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó máa ṣe é. Ó ṣí i. Ó kọ́kọ́ fa ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì yọ, ó jẹ́ kí ọ́ìlì náà kán sí ìka rẹ̀. Ó ń fà bí oyin.

“Ọ́ìlì tó wà nínú ọkọ̀ kì í ki báyìí. Wọ́n da nǹkan sí i kó lè ki, kí èéfín má baà pọ̀, kí ariwo sì rọlẹ̀.” Ó ní kí Jímọ̀ wọlé sítáàtì rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má tẹ iná mọ́ ọn.

Ẹ́ńjìnì náà ta jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbọ́n-gbọ́n bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Jímọ̀ mọ ìró yẹn. Ó ti gbọ́ ọ rí ní oṣù kẹta ọkọ̀ àkọ́kọ́. Èéfín aláwọ̀ aró jáde lẹ́yìn, ó bo ọkọ̀ tó wà nítòsí. Samson ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, atẹ́gùn gbígbóná sì ń ta jáde níbẹ̀, fùù, fùù, bí ìgbà tí omi ń hó nínú ìkòkò. Ó ní kí Jímọ̀ súnmọ́ ọn, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Lẹ́yìn náà ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì náà ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó gbóná, ó pa á, ó sì ń tú àwọn púlọ́ọ̀gì rẹ̀.

“Kí lẹ̀ ń tú?” Hakeem bèèrè. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

“Bí wọn ò bá fẹ́ ká tú u,” Jímọ̀ sọ, “ká máa lọ ni.” Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀ pé òun ló sọ ọ́.

Samson mú aago kan tí wọ́n fi ń wọn agbára atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnì jáde, ó fi ẹnu aago náà há ihò púlọ́ọ̀gì kan, ó ní kí Jímọ̀ máa sítáàtì. Ọwọ́ aago náà gbéra, ó dúró ní ibì kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Méjì gbéra dáadáa. Méjì kò ju bí ìdajì lọ. Ó kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò méjèèjì tí kò lágbára, ó tún wọ̀n wọ́n, ọwọ́ aago náà sì gòkè lọ bá ti àwọn ìyókù.

“Ṣé ẹ rí i? Ọ́ìlì ló dí ibi tó ń jò. Ríìngì, òrùka irin inú ẹ́ńjìnì, ló ti jẹ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kò gòkè ni, mo máa sọ pé fáàfù ni.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Bàbá, ó lè sáré fún oṣù kan, ó lè sáré fún mẹ́rin. Láti tú u palẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ ohun tó jẹ nínú rẹ̀, ẹ múra ọ̀kẹ́ mẹ́ta náírà sílẹ̀, ẹ sì máa jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrí èrò gbé. Bí ẹ bá fẹ́ rà á náà, ẹ yọ ọ̀kẹ́ mẹ́ta yẹn kúrò nínú iye tó ń pè.”

Jímọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún Hakeem. Hakeem ní láéláé. Nígbà tó sì rí i pé Jímọ̀ ń lọ lóòótọ́, inú bí i, ẹnu rẹ̀ tú. “Ẹni tó mú yín wá ti gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́wọ́ mi o! Ta ló máa dá owó mi padà?”

Jímọ̀ ń rìn lọ létí títì, Samson sì ń bá a rìn, títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti máa ya ara wọn.

Àbọ̀ wà lábẹ́ igi kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí Jímọ̀ dé. Ó wo ojú Jímọ̀, ó sì mọ̀. Kò sáré, kò dọ̀bálẹ̀, kò búra. Ó kàn gbé sípánà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?” Jímọ̀ bèèrè. “Ṣé o mọ̀?”

“Mo gbọ́ ìró rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n.”

“Èló ni wọ́n fún ọ?”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.”

Jímọ̀ jókòó sórí táyà kan. Ọ̀kẹ́ méje náírà òun, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta Àbọ̀. Ó fẹ́ bínú. Ó fẹ́ sọ pé kí Àbọ̀ kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ òun kí oòrùn tó wọ̀, ó sì wá ìbínú náà títí nínú ara rẹ̀, àárẹ̀ nìkan ló bá níbẹ̀.

“Mo fún ọ nílẹ̀, Àbọ̀.”

“Ẹ fún mi nílẹ̀, ẹ ṣeun. Ẹbí yín ti gbé ọkọ̀ wá bá mi láti ọdún mọ́kànlá, ẹ bi wọ́n bóyá ẹnì kan rántí pé mo ní ọmọ. Bí ẹ bá pè mí pé kí n wá bá yín wo ọkọ̀, iṣẹ́ olówó ni mò ń fi sílẹ̀. Ẹni tó ń tà ló ń fún mi ní nǹkan. Ẹ̀yin fún mi nílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ló ra ojú mi.” Omi lé ròrò sójú rẹ̀. “Ó dùn mí. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó dùn mí. Ṣùgbọ́n mo gba owó náà.”

Jímọ̀ kò lé e. Àwọn ènìyàn bèèrè ìdí, kò sì rí èsì kan fún wọn ju pé ó ti rẹ òun. Bóyá òótọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, tíṣà kan nínú ẹ́sítéètì ní Lẹ́kí fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀ tó láwọ̀ eérú, ó pè é ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Jímọ̀ tún san ẹgbẹ̀rún kan fún Samson, lọ́tẹ̀ yìí láti inú owó tirẹ̀, kò sì sọ fún ẹ̀dá alààyè kan ju Waliyat lọ. Ọkọ̀ náà tutù nini nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ pé. Samson ní búrékì iwájú ti ń tán, oríkèé ẹsẹ̀ iwájú kan, tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, sì ti ń mì. Jímọ̀ ka àlébù méjèèjì fún tíṣà náà, tíṣà sì yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà kúrò nínú owó ọkọ̀ náà.

Samson kò ní tún un ṣe. Òfin rẹ̀ nìyẹn. Jímọ̀ ra bọ́ọ̀lù jọ́ìntì náà àti búrékì, ó wakọ̀ náà lọ sí orí ilẹ̀ rẹ̀.

Àbọ̀ ṣe é dáadáa, kò yára, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ.

“Èló ni?” Jímọ̀ bèèrè.

Àbọ̀ rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. “Ẹ̀gbọ́n?”

“Mo ní èló ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ.”

Àbọ̀ ń wo ilẹ̀, ó ń wo ọkọ̀, bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tí kò kọ́ rí. “Ẹgbẹ̀rin náírà,” ó sọ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

Jímọ̀ san án, kò dúnàádúrà. Ó ti wọnú ọkọ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn, nígbà tí Àbọ̀ sáré wá dúró létí fèrèsé.

“Ẹ̀gbọ́n. Ọkọ̀ tí adìyẹ wà nínú rẹ̀ yẹn. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ nìkan ló kú. Àpótí jíà rẹ̀ pé, kò sóhun tó ṣe é. Mo mọ ẹni tó máa fún yín ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.”

Jímọ̀ tẹjú mọ́ ọn. “Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti ọjọ́ tí wọ́n wọ́ ọ wálé.”

Ọdún méjì. Jímọ̀ sọ orí kọ́. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú, ó sì ní kí Àbọ̀ mú ẹni náà wá.

Nígbà tó délé, Waliyat jáde wá wo ọkọ̀ tuntun náà, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó kí i kú oríire. Ó bèèrè èló ni Àbọ̀ gbà.

“Ẹgbẹ̀rin náírà.”

“Hà! Ó mà wọ́n o.”

Jímọ̀ ti ń lọ sẹ́yìnkùlé láti lọ kó adìyẹ jáde nínú ọkọ̀ àtijọ́. Kò bojú wẹ̀yìn.

“Kò wọ́n tó ọ̀fẹ́,” ó sọ.